Mẹ́mò tí mo kọ sí ọ̀gá àgbà kí a tó ra iléeṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú

Lọ́yà Màrínà: Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ti tú ìwé iléeṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ rà wò rí, ẹ wá sọ tiyín. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣáájú. Iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú ẹja àti ẹran dídì ni a fẹ́ rà, ìpín ìdókòwò rẹ̀ ni a sì fẹ́ fi gbà á. Wọ́n kó gbogbo ìwé wọn sórí ẹ̀rọ, wọ́n tò wọ́n sí fódà, wọ́n ní ká máa wò ó.

Ìwé ẹ̀rí owó ìfẹ̀yìntì wà ní fódà 6, kò sì ní àbùkù kankan. Ṣùgbọ́n orúkọ òṣìṣẹ́ 22 péré ló wà nínú àkọsílẹ̀ tó tẹ̀lé e, nígbà tó jẹ́ pé 60 ni mo bá nínú ìwé owó oṣù ní fódà 3. Wọ́n ń yọ ìdá 8 nínú 100 lára owó àwọn 38 tó kù lóṣooṣù, síbẹ̀ kò sí rìsíìtì kan ṣoṣo tó fi hàn pé owó náà dé ibi tó yẹ kó dé. Ìyẹn dùn mí, nítorí owó àwọn òṣìṣẹ́ ni.

Lọ́yà kékeré tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kọ ọ́ sínú mẹ́mò pé "ìṣòro díẹ̀ wà lórí owó ìfẹ̀yìntì." Mo ní kó pa á rẹ́. Kí ni ọ̀gá àgbà fẹ́ fi "díẹ̀" dúnàádúrà? A jókòó ṣírò rẹ̀. Lábẹ́ òfin ọdún 2014, agbanisíṣẹ́ á fi ìdá 10 kún ìdá 8 òṣìṣẹ́, á sì san án láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 lẹ́yìn owó oṣù. Owó oṣù àwọn 38 náà jẹ́ mílíọ̀nù 5 náírà, ìdá 18 rẹ̀ sì jẹ́ 900,000. Oṣù 20 ni wọn kò san, ó di mílíọ̀nù 18. Ìtanràn rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí ìdá 2 lóṣù, oṣù tó sì pẹ́ jù ló jẹ jù: mílíọ̀nù 3.78 lápapọ̀. Ohun tó wọ mẹ́mò nìyí: "Gbèsè owó ìfẹ̀yìntì, ó kéré tán mílíọ̀nù 21.78. Ẹ wo fódà 3 àti 6. Kí wọ́n san án kí a tó buwọ́ lùwé, tàbí kí a yọ ọ́ nínú iye tí a ó san."

Ọmọ Èbúté-Mẹ́ta: Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ fẹ́ ra ìpín ìdókòwò wọn? Ẹ ra ilé ìkẹ́rù, fíríìsà àti ọkọ̀ wọn nìkan. Gbèsè á dúró sọ́dọ̀ wọn, ó parí.

Lọ́yà Màrínà: Òótọ́ wà nínú ohun tí o sọ, àbúrò, ṣùgbọ́n kò parí. Orí ilẹ̀ ni ilé ìkẹ́rù wà. Abala 22 òfin lílo ilẹ̀ ọdún 1978 ní kí èèyàn gba àṣẹ gómìnà kó tó gbé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn. Lọ́dún 1989, nínú ẹjọ́ báńkì Sàfánà àti Ajílọ, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé òfo ni ìwé tí wọ́n fi ilé dúró fún owó yíyá láìgba àṣẹ náà. Èdìdì àṣẹ yìí kò sí lára ìwé tí àwọn ará Ìlúpéjú fi ra ilẹ̀ tiwọn. Bí a ra ìpín, a ra iléeṣẹ́ tí ìwé ilẹ̀ rẹ̀ kò tíì dúró. Bí a ra ilẹ̀, a ó kọ́kọ́ dúró kí wọ́n tún tiwọn ṣe ná. Ohun kejì nínú mẹ́mò nìyẹn.

Akáúńtántì Yábà: Èmi, ohun tí kò sí níbẹ̀ ni mo máa ń wá. Ní ibi kan, ìwé ìpàdé àwọn olùdarí sọ̀rọ̀ owó báńkì, ṣùgbọ́n òfìfo ni fódà owó yíyá. A wádìí lọ́dọ̀ àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, a bá a pé dúkìá wọn ṣì dúró fún gbèsè náà. Wọ́n ní àwọn ti san án tipẹ́. Ọ̀gá wa bi mí pé, "Ṣé wọ́n jẹ ẹ́ àbí wọn kò jẹ ẹ́?" Mo ní n kò lè sọ àyàfi kí báńkì fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà. Inú rẹ̀ kò dùn.

Ìyá Búrẹ́dì Múṣin: Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo ń tà ní tèmi. Àgbàrá wọ ṣọ́ọ̀bù, rìsíìtì ìyẹ̀fun bàjẹ́. Lọ́yà ẹni tó fẹ́ rà á kọ ọ́ bí ẹni pé mo fi pamọ́, wọ́n sì fi ìyẹn já owó mi wálẹ̀. Ṣé ẹ̀yin náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni?

Lọ́yà Màrínà: Ẹ má bínú, mà. Mo máa ń ya ìwé tí a kò rí sọ́tọ̀ kúrò lára ìwé méjì tó ń tako ara wọn. Ti àkọ́kọ́, mo máa ń kọ pé "a bèèrè, a kò rí i, ìdí tí wọ́n sọ nìyí." N kì í pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́.

Akáúńtántì Yábà: Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá kà á, ṣebí iye owó náà ló máa já wálẹ̀?

Lọ́yà Màrínà: Ó ṣeé ṣe. N kò tíì rí bí a ṣe lè kọ ọ́ tí kò ní rí bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Èbúté-Mẹ́ta: Ṣé ẹ padà rà á?

Lọ́yà Màrínà: A rà á. Wọ́n gbà kí a yọ mílíọ̀nù 21.78 kúrò, a sì san án sínú àpamọ́ ìfẹ̀yìntì àwọn 38 náà. Ti ilẹ̀ ṣì wà ní Aláùsá, apá kan owó wọn sì wà lọ́wọ́ ẹnìkẹta títí àṣẹ gómìnà á fi jáde.