Báwo ni mo ṣe máa kọ ọ́ kí édítọ̀ má bàa fọwọ́ kan nǹkan míì?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa fótò, ẹ gbà mí. Òṣogbo níbí ni mo ti ń ya fótò, mo sì máa ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí bọ̀dá kan tó ń bá mi ṣe édítìn lórí Wásáàpù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo kọ ọ́ sí i pé "yí búlúù sí àwọ̀ eérú", ṣẹ́ẹ̀tì kọ́sítọ́mà ni mo ní lọ́kàn, àmọ́ àdìrẹ ni wọ́n ta sẹ́yìn wọn, gèlè ìyàwó ẹ̀ náà búlúù, ló bá sọ gbogbo ẹ̀ di eérú! Ó dùn mí gan-an torí àdìrẹ yẹn gan-an ni wọ́n torí ẹ̀ wá.

Mo tún un kọ báyìí: "Ọkùnrin tó wà lápá òsì fótò, yí ṣẹ́ẹ̀tì búlúù ẹ̀ sí eérú tó mọ́lẹ̀ díẹ̀. Má fọwọ́ kan nǹkan míì." Ó dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ ṣẹ́ẹ̀tì wá rí pẹlẹbẹ bíi páálí, gbogbo ibi tó ká àti òjìji abẹ́ kọ́là ti parẹ́. Ohun tó tún wá dà mí láàmú ni pé búlúù ṣẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ṣì hàn lábẹ́ àgbọ̀n ọkùnrin náà, bọ̀dá ní èmi ni mo ní kóun má fọwọ́ kan nǹkan míì, òótọ́ sì ni.

Ṣé kí n fi "jẹ́ kí ìkápọ̀ aṣọ wà, yọ búlúù tó tàn sí ọrùn" kún un ni, àbí ọ̀rọ̀ kúkurú kan wà tẹ́ ẹ máa ń lò?