Wọ́n ti ta gbèsè tí mo jẹ, èmi sì ti san án fún ẹni àkọ́kọ́

Ọmọ Ajílété, Mansẹ́sítà: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí. Mo jẹ ẹni tó ń kó láfún wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní 6,000 pọ́n-ùn. Mo san 2,500 fún un ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún, mo sì san 3,500 tó kù ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà. Ọjọ́ 9 ni mo tó rí lẹ́tà kan tí ọmọ iṣẹ́ mi ti gbà láti ọjọ́ 3, tó fi há abẹ́ òṣùwọ̀n. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ra gbèsè ló kọ ọ́ pé àwọn ti ra owó náà, pé àwọn ni kí n máa san án fún. Ṣé ẹ̀ẹ̀mejì ni n ó san gbèsè kan ni?

Ìyá Ìbejì, Bámíńgámù: Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kò buwọ́ lùwé, wọn kò sì lè ṣe é lẹ́yìn yín. Nígbà tí oníbàárà mi ta òwò rẹ̀, ẹni tó rà á ní òun ti gba gbogbo àdéhùn wa. Mo ti san àsansílẹ̀ 1,500 pọ́n-ùn fún ẹni àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè ọjà, ẹni tuntun ní òun kò mọ̀ nípa rẹ̀. Lọ́yà sọ fún mi pé àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yẹ kí a ti jọ buwọ́ lùwé.

Ọmọ Aláàfin, Lọ́ńdọ̀nù: Ìyá Ìbejì, òótọ́ lẹ sọ nípa tiyín, ṣùgbọ́n kì í ṣe tirẹ̀. Ẹrù àdéhùn ni wọ́n fẹ́ gbé fún ẹlòmíràn nínú tiyín. Èyí kò ṣeé ṣe láìsí ìfọwọ́sí yín. Ẹ̀tọ́ láti gba owó ni wọ́n tà nínú tirẹ̀, abala 136 òfin ohun-ìní ti ọdún 1925 níhìn-ín kò sì béèrè àṣẹ ẹni tó jẹ gbèsè. Kí títà náà wà lákọsílẹ̀, kí lẹ́tà sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó parí. Àbúrò, 2,500 ti bọ́ lọ́rùn rẹ. 3,500 ni wọ́n lè tún bi ọ́, kí ìwọ náà wá lé ẹni tó gbà á tẹ́lẹ̀. Ṣé gbogbo láfún náà dára?

Ọmọ Ajílété: Àpò méjìlá ló bu, iye rẹ̀ jẹ́ 600.

Ọmọ Aláàfin: Kọ ọ́ sí wọn pé inú àdéhùn kan náà ni àbùkù ọjà yẹn ti wá, kí o yọ 600 kúrò nínú ohun tí wọ́n ń béèrè. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ pé kí o jẹ́rìí pé ọjà pé, o kò gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú. Èmi buwọ́ lu irú rẹ̀ lọ́dún kan. 1,800 pọ́n-ùn ni mo fi gbọ́n. Kí o tún pe ẹni tó ń kó ọjà fún ọ lórí nọ́ńbà tí o ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí gbájúẹ̀ náà mọ bí a ti ń kọ lẹ́tà.

Ìyá Ìbejì: Ṣùgbọ́n abẹ́ òṣùwọ̀n ni lẹ́tà yẹn wà. Ṣé ẹni tí kò kà á ti gbọ́?

Ọmọ Aláàfin: Ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ọmọ iṣẹ́ gbà á. Èmi rò pé ó ti dé.

Ìyá Ìbejì: Èmi kò gbà. Ọmọ iṣẹ́ kọ́ ló ni gbèsè.

Ọmọ Aláàfin: Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ ń gbè lẹ́yìn, ìyá. Bí ó bá jẹ́ Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti bí i, inú igbá ni lẹ́tà ìbá wà, a ó sì tètè rí i.

Ọmọ Ajílété: Ẹ fi igbá sílẹ̀. Wọ́n tún ti pè báyìí, wọ́n ní fọ́ọ̀mù kan ń bọ̀ lọ́la.