“Ẹ kú ewu ọmọ”: ewu ni, àbí ewú?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bímọ láàárọ̀ àná, ọkọ wọn sì kéde rẹ̀ fún ẹbí. Mo kọ “Ẹ kú ewu ọmọ”, ni àbúrò bàbá wa bá ní kí n pa á rẹ́, pé a kì í dárúkọ ewu níbi ayọ̀. Wọ́n ní “Ẹ kú ayọ̀ ọmọ” ni kí n kọ. Èwo ló tọ́, àdúrà wo ni mo sì lè fi kún un?

Akéwì: Má pa nǹkan kan rẹ́, àmì ohùn ló kù. Ewú orí ni àwọn bàbá wa ń wí: kí ọmọ náà dàgbà títí orí rẹ̀ á fi funfun.

Olùkọ́: Akéwì, a máa ń tọrọ ewú fún ọmọ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe nínú gbólóhùn yìí. Pè é jáde lẹ́nu, wàá gbọ́ pé ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ gbókìtì tó jáde láàyè, “ẹ kú ewu” náà là ń kí i, kò sì sẹ́ni tó ń ro ewú orí níbẹ̀. Ìyá ló la ewu kọjá lórí ìkúnlẹ̀, òun là ń kí. Bí ọmọ bá kú tí ìyá yè, a máa ń ní “omi ló dànù, agbè ò fọ́”. Agbè yẹn gan-an là ń kí tí a bá ní ẹ kú ewu ọmọ. Kọ ọ́, kí o wá fi “ẹ kú oríire ayọ̀ abara tíntín” tẹ̀ lé e. “Ayọ̀ ọmọ” kò burú, àmọ́ ó gbàgbé ìyá.

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta: Ọ̀rọ̀ ewu kọ́ ló dùn mí ní tèmi. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé àbíkẹ́yìn mi jáde, dókítà sì ní kí n má lóyún mọ́. Gbogbo ẹni tó kí mi ló ń ní “ìbejì lẹ ó fi tẹ̀ lé e”. Mo sunkún. Ẹ má tọrọ àbúrò fún ọmọ tí ẹ ò mọ ọgbẹ́ ìyá rẹ̀.

Olùkọ́: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ọmọ tó wà nílẹ̀ ni ká gbàdúrà fún: “Olúwa á wò ó, á dàgbà, á dògbó. Ẹ ó jẹun ọmọ. Òun ni yóò sin yín lọ́jọ́ alẹ́.” Ibi tí àmì ti ṣe pàtàkì nìyẹn, Akéwì: “wò ó” ni ìtọ́jú, “wó o” ni kí a bì í lulẹ̀.

Akéwì: Mo gbà, sà. “Ẹ kú ọwọ́ lómi” ńkọ́? Ṣé a lè fi kí bàbá ọmọ náà?

Olùkọ́: Ìyá tó ń fọ aṣọ ọmọ ni mo mọ̀ ọ́n mọ́.

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta: Ọkọ mi ló fọ gbogbo aṣọ ọmọ wa fún oṣù méjì, sà. Òun ni wọ́n kí bẹ́ẹ̀ nílé wa.