Lẹ́tà olùgbaninímọ̀ràn fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa

Akápò, Mọ́kọlá: Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Èmi ni akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìbàdàn níbí, ọkàn mi kò sì balẹ̀. Ìgbìmọ̀ wa ní kí olùgbaninímọ̀ràn kan yẹ ìwé wa wò ṣáájú ìpàdé ọdọọdún. A ṣe é lálejò dáadáa, àmọ́ lẹ́tà tí ó kọ sí wa dà bí ìwé ẹ̀sùn. Ó ní nínú mílíọ̀nù 36 náírà tí a yá àwọn ọmọ ẹgbẹ́, mílíọ̀nù 5.4 ti kọjá ọjọ́ tí ó yẹ kí wọ́n san án, èyí tí í ṣe ìdá 15 nínú 100, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ó ju ìdá 5 lọ. Ó wá dá àbá mẹ́ta: kí a yọ owó sọ́tọ̀ fún gbèsè tí ó lè má wọlé kí a tó pín èrè, kí a má yá ẹnikẹ́ni ju ìlọ́po méjì àjẹṣẹ́kù rẹ̀ lọ, kí owó tí ó wà ní báńkì má sì dín sí ìdá 15 nínú 100 àjẹṣẹ́kù gbogbo wa. Mílíọ̀nù 3.2 ni èrè wa lọ́dún yìí, gbogbo ènìyàn ló ń retí rẹ̀. Kí ni kí n sọ fún wọn?

Ìyá Bódìjà: Ẹgbẹ́ tiwa náà pín èrè nígbà tí gbèsè wà níta. Nígbà tí mo fẹ́ gba owó mi láti san owó ilé-ìwé ọmọ, wọ́n ní kí n dúró di oṣù tí ń bọ̀, títí di òní ni mo ṣì ń dúró. Ẹ lọ mú àwọn onídùúró.

Ará Apáta: Ẹ má dá àbá kẹta yẹn lóhùn. Owó tí a yá jáde ló ń mú èlé wá, èyí tí ó sùn sí báńkì kò wúlò. Ẹ pín èrè yín.

Olùṣírò-owó, Ṣàngó: Òótọ́ ni pé ẹ̀yáwó ló ń mú èlé wá, ṣùgbọ́n a kò lè fi ìwé ẹ̀yáwó san owó fún ẹni tí ó wá gba àjẹṣẹ́kù rẹ̀. Akápò, ẹ kò sọ bí gbèsè náà ti pẹ́ tó. Gbogbo èyí tí ó ti lé lọ́dún kan ni à ń yọ sọ́tọ̀, a sì ń yọ ìdá 35 nínú 100 èyí tí kò tíì pé ọdún.

Akápò, Mọ́kọlá: Mílíọ̀nù 2.4 ló ti lé lọ́dún kan. Àwọn kan tún wà tí wọ́n jẹ mílíọ̀nù 3, tí ìgbìmọ̀ yá lówó lẹ́ẹ̀kejì ní oṣù Kejìlá kí wọ́n lè fi san gbèsè àtẹ̀yìnwá. Ẹ̀yáwó tuntun ni ìwé kà á sí, nítorí náà kò sí lára mílíọ̀nù 5.4. Ọjà kò tà fún wọn, àánú ni a ṣe.

Olùṣírò-owó, Ṣàngó: Ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Kí a tó fi mílíọ̀nù 3 yìí kún un rárá, owó tí ẹ óò yọ sọ́tọ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 3.45, èyí tí ó ju èrè yín lọ. Tí a bá fi kún un, gbèsè tí ó kọjá àkókò di mílíọ̀nù 8.4, ìyẹn ìdá 23 nínú 100 àti díẹ̀. Ẹ wo ìwé ẹ̀yáwó yín: níbi tí ẹnì kan bá ti san gbèsè tán ní ọjọ́ kan náà tí ó gba òmíràn, tí owó kò sì jáde ní báńkì, gbèsè àtijọ́ ni.

Ará Apáta: Kì í ṣe gbogbo wọn. Ẹni tí ó ti ń san tirẹ̀ lóṣooṣù láti oṣù Kejìlá kò yẹ kí a kà mọ́ wọn.

Olùṣírò-owó, Ṣàngó: Mo gbà bẹ́ẹ̀, tí ó bá ti san án fún oṣù mélòó kan láìyẹ̀. Àwọn mélòó ló ń san?

Akápò, Mọ́kọlá: Mi ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ kọ̀wé sí olùgbaninímọ̀ràn náà nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n alága ní kí n jẹ́ kí ìpàdé parí ná, nítorí pé ọmọ ìgbìmọ̀ kan wà lára àwọn tí ó jẹ gbèsè náà.