Kí la ó pe owó-orí tí ilé-iṣẹ́ ń san kó tó mọ èrè rẹ̀?

Atúmọ̀: Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé ìlànà owó-orí ilé-iṣẹ́ ni mo ń túmọ̀ sí Yorùbá. Ilé-iṣẹ́ á fojú díwọ̀n èrè ọdún tó ń lọ lọ́wọ́, á san owó-orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Tí ọdún bá parí, tí èrè gan-an sì hàn, á san ìyókù. Mo kọ "àsandíẹ̀díẹ̀ olóṣù mẹ́ta mẹ́ta" fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo kọ "àṣẹ́kù" fún ti ìkẹyìn. Ṣé ó gún?

Olùkọ́: Àbúrò, "àsandíẹ̀díẹ̀" kò bá a mu. Onígbèsè ló ń san díẹ̀díẹ̀: iye gbèsè ti wà nílẹ̀, agbára rẹ̀ ni kò ká a lẹ́ẹ̀kan náà. Níbi tí ẹ wà yìí, èrè kò tíì pé, gbèsè wo ló wà nílẹ̀? "Àsansílẹ̀" ni kí ẹ kọ, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. "Olóṣù mẹ́ta mẹ́ta" dára, torí ọdún tí a bá pín sí mẹ́rin, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni yóò jẹ́. "Àṣẹ́kù" náà dára.

Ìyá Aṣírò: Ẹ kú àlàyé, Olùkọ́. Mo gbà yín lórí "àsansílẹ̀", ṣùgbọ́n "olóṣù mẹ́ta mẹ́ta" kò lè dúró. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ tó ń ka ọdún rẹ̀ láti oṣù kìíní gbọ́dọ̀ san ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin, oṣù kẹfà, oṣù kẹsàn-án àti oṣù kejìlá. Oṣù kan náà ni ti Kẹ́ńyà, ọjọ́ 20 ni tiwọn. Ẹ wo àárín ti àkọ́kọ́ sí èkejì, oṣù méjì péré ni. Ẹni tó bá ka "olóṣù mẹ́ta mẹ́ta" á fi ọkàn sí oṣù keje, èlé á sì ti máa gùn lórí owó rẹ̀. "Àsansílẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀mẹrin" ni èmi máa ń kọ, ọjọ́ á wá dá dúró láyè ara rẹ̀.

"Àṣẹ́kù" gan-an ló mú mi dá sí i. Ẹ jẹ́ ká mú ilé-iṣẹ́ kan. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún, ó díwọ̀n èrè rẹ̀ sí mílíọ̀nù 8. Bí owó-orí bá jẹ́ ìdá 25 nínú 100, mílíọ̀nù 2 nìyẹn, ìdá mẹ́rin rẹ̀ sì jẹ́ 500,000. Ó san án ní oṣù kẹrin. Kí oṣù kẹfà tó pé, ọjà yá, ó tún díwọ̀n rẹ̀: mílíọ̀nù 12 ló ń bọ̀. Owó-orí di mílíọ̀nù 3. Kò ní kàn san 750,000, torí ìdajì mílíọ̀nù 3 ló yẹ kó ti wọlé nígbà yẹn. Mílíọ̀nù kan gbáko ni yóò san, kó lè dí àlàfo ti oṣù kẹrin tó kéré. Lẹ́yìn náà, 750,000 ní oṣù kẹsàn-án, 750,000 ní oṣù kejìlá.

Ọdún parí, wọ́n ṣírò ìwé, èrè jẹ́ mílíọ̀nù 12.8. Owó-orí jẹ́ mílíọ̀nù 3.2, ó ku 200,000. Títí dé ibẹ̀, "àṣẹ́kù" gún. Bí èrè bá wá jẹ́ mílíọ̀nù 11 ńkọ́? Owó-orí jẹ́ 2,750,000, ó sì ti san mílíọ̀nù 3, 250,000 ló fi lé. Ta ló kù tí yóò sanwó nínú àwọn méjèèjì? Ìjọba ni. Ọ̀rọ̀ tí ẹ mú kò gba ìyẹn.

Olùkọ́: Ìyá, ó gbà á. Owó tó ṣẹ́kù sọ́wọ́ ìjọba, àṣẹ́kù náà ni.

Ìyá Aṣírò: Lẹ́nu yín, bẹ́ẹ̀ ni. Lójú oníṣòwò tó rí "ẹ san àṣẹ́kù kí oṣù kẹrin tó parí", kò jọ ọ́ rárá. Ìṣírò náà ni mo fẹ́ ká sọ lórúkọ, kì í ṣe owó. "Ìṣírò àṣekágbá". Lábẹ́ rẹ̀, "àsankún" bí ó bá kù, "àdápadà" bí ó bá lé.

Olùkọ́: "Àṣekágbá"? Bọ́ọ̀lù ni mo ń gbọ́ níbẹ̀ o.

Atẹ̀wé: Ẹ jọ̀ọ́, mo ń bá yín bọ̀ láti òkè. Ṣé kì í ṣe èyí tí wọ́n ń ṣe fún mi náà nìyí? Mo bá ilé-iṣẹ́ kan tẹ ìwé. Nígbà tí wọ́n máa sanwó, wọ́n yọ ìdá 5 nínú 100, wọ́n ní owó-orí mi ni, àwọn á bá mi san án fún ìjọba. Mi ò fojú díwọ̀n nǹkan kan. Ìwé tí wọ́n máa fún mi láti fi hàn pé wọ́n san án, títí dòní mi ò rí i.

Ìyá Aṣírò: Ìyẹn yàtọ̀, ọ̀gá mi. Oníbàárà ló yọ tiyín kó tó dé ọwọ́ yín, lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo, ì báà jẹ́ pé ẹ jèrè tàbí ẹ pàdánù. Àsansílẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi ọwọ́ ara yín san án lórí èrè gbogbo ọdún. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni òpin ọdún: tí ẹ bá ní ìwé ẹ̀rí yẹn, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú gbèsè yín. Láìsí ìwé, ẹ ó tún un san. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn lónìí.

Atúmọ̀: Ẹ ṣeun, Ìyá. Ohun kan tún dí mi lọ́wọ́. Tábìlì àsansílẹ̀ ti Íńdíà wà nínú ìwé náà, ìdá nínú 100 owó-orí ọdún: 15, 45, 75, 100. Mo kọ ọ́ pé "ẹ san ìdá 45 nígbà kejì".

Ìyá Aṣírò: Ẹ pa á rẹ́ kíákíá! 15 pẹ̀lú 45 pẹ̀lú 75 pẹ̀lú 100, ẹ ti gba 235 lọ́wọ́ ẹni tó jẹ 100. Àpapọ̀ tó gbọ́dọ̀ ti wọlé títí di ọjọ́ náà ni. Nígbà kejì, 30 ló máa fi kún un. Ẹ kọ "àpapọ̀ títí di ọjọ́ yìí" sórí òpó yẹn.

Olùkọ́: Ìyá, ẹ sọ "èlé" lẹ́ẹ̀kan, lórí ẹni tó bá pẹ́ san án. Ṣé kì í ṣe "ìtanràn"? Ẹni tó díwọ̀n rẹ̀ kéré ti ṣẹ̀.

Ìyá Aṣírò: Kò ṣẹ̀ dandan. Ilé-iṣẹ́ tí mo mú lẹ́ẹ̀kan yẹn kò purọ́, ọjà ló yá lẹ́yìn oṣù kẹrin. Síbẹ̀, tí a bá fi mílíọ̀nù 3.2 tó jẹ́ òtítọ́ wò ó, 800,000 ló yẹ kó san ní oṣù kẹrin, 300,000 ló dín. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n ń wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n lè ka ọjọ́ lórí 300,000 yẹn, àfi bí ó bá fi ìwé hàn pé èrè oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ tí òfin wọn fi pè é jọ ìtanràn, àmọ́ bí èlé ni wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀: iye tó dín, iye ọjọ́ tó fi dín.

Olùkọ́: Ohun tí òfin pè é ni kí á túmọ̀.

Ìyá Aṣírò: Oníṣòwò á kà á, á rò pé wọ́n ń pe òun lólè.

Atúmọ̀: Mo máa fi "àsansílẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀mẹrin" àti "ìṣírò àṣekágbá" síbẹ̀ ná, Olùkọ́ ẹ má bínú. Èlé àbí ìtanràn, mo fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ewé tó tẹ̀ lé e ní ilé-iṣẹ́ lè má gba àdápadà. Ó lè ní kí wọ́n fi 250,000 yẹn ṣe àkọ́kọ́ nínú mẹ́rin ọdún tó ń bọ̀. Owó kan náà ti jẹ́ àdápadà, ó tún di àsansílẹ̀ láì kúrò lápò ìjọba. Orúkọ wo ni mo fẹ́ kọ síwájú rẹ̀?