Ṣé àìsàn etí lèyí ni àbí ẹkún ló jẹ́ kó pọ́n?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa etí, nọ́ọ̀sì ni mí n'Ìkòròdú, mo ya fọ́tò inú etí ọmọ ọdún méjì kan tí ara ẹ̀ ń gbóná. Ti ọ̀tún ò rú mi lójú, awọ ìlù etí ẹ̀ rí bí eérú, ó ń dán, eegun kékeré tó so mọ́ ọn hàn kedere. Tòsì ló pọ́n, àmọ́ eegun yẹn ṣì hàn, mi ò sì rí i kó wú síta bó ṣe máa ń wú tí ọyún bá ń tì í látẹ̀yìn, ọmọ náà sì ń ké gan-an (ẹkún àti ibà lè mú un pọ́n). Ṣé fọ́tò lè fi wíwú díẹ̀ pamọ́, àbí kí n tún un wò tó bá dákẹ́?