ETF tó ń tẹ̀lé NGX 30 àti mútúà fọ́ǹdì: kí ni ìyàtọ̀ wọn gan-an?

Àdùkẹ́ Ìbàdàn
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. ₦600,000 kan wà lọ́wọ́ mi tí mi ò ní nílò fún bí ọdún márùn-ún. Mo fẹ́ fi ra ìpín àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá wa, àmọ́ mi ò fẹ́ máa ṣà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo rí ETF kan nínú áàpù bírókà mi, ìyẹn fọ́ǹdì tí wọ́n ń tà lọ́jà bí ìpín, tó ń tẹ̀lé atọ́ka NGX 30, ti ọgbọ̀n ilé-iṣẹ́ ńlá lórí NGX, ọjà ìpín wa. Báǹkì mi náà ní mútúà fọ́ǹdì tó ń ra ìpín. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ETF ṣe ń tẹ̀lé atọ́ka? Kí ló sì dé tí iye tí áàpù ń kọ fi lè yàtọ̀ sí iye tí máníjà rẹ̀ ń kọ?

Bàbá Èkó
Kò le rárá. Èèyàn ló ń ṣa ìpín fún mútúà fọ́ǹdì. ETF ní tiẹ̀, ó kàn ń tẹ̀lé atọ́ka ni, kò nílò máníjà, ìdí nìyẹn tó fi máa ń pọ́ọ́kú. Bí atọ́ka bá gbé 20%, ẹ̀yin náà á gba 20%. Ẹ ra ETF, kí ẹ lọ sùn.

Ìyá Ọ̀ṣọ́
Àdùkẹ́, kí lo ń wá kiri? Mútúà fọ́ǹdì tèmi kì í lọ sílẹ̀. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni èlé ń wọlé. Jẹ́ jẹ́jẹ́ ni mo jókòó sí.

Akọ̀wé Marina
Ìyá Ọ̀ṣọ́, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ó jọ pé èyí tó ń yá ìjọba àti báǹkì lówó fún ìgbà kúkúrú ni tiyín. Mútúà fọ́ǹdì ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ń ra ìpín ni Àdùkẹ́ ń bi wá, ìyẹn sì máa ń lọ sókè sódò gẹ́gẹ́ bí ọjà bá ṣe wí.

Bàbá Èkó, ẹ gba ibì kan, ẹ ṣi ibì kan. Mútúà fọ́ǹdì náà lè tẹ̀lé atọ́ka. Ti Vanguard tó bẹ̀rẹ̀ ní 1976 ní Amẹ́ríkà, atọ́ka S&P 500 ló ń tẹ̀lé, nígbà tó jẹ́ pé oṣù kìíní 1993 ni ETF àkọ́kọ́ níbẹ̀, SPY, dé ọjà. Nítorí náà, títẹ̀lé atọ́ka kọ́ ló ya àwọn méjèèjì. Ohun tó yà wọ́n ni ẹni tí ẹ ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ àti iye tí ẹ ń rà á.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ títẹ̀lé. Bí ilé-iṣẹ́ ṣe tóbi tó lọ́jà ni ìpín tirẹ̀ nínú NGX 30 ṣe ń pọ̀ tó. Ká ní ilé-iṣẹ́ kan kó 15% nínú atọ́ka, tí ₦100 mílíọ̀nù sì wà nínú ETF. Máníjà á ra ₦15 mílíọ̀nù nínú ìpín ilé-iṣẹ́ yẹn, á ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn mọ́kàndínlọ́gbọ̀n yòókù. Bí iye ìpín ilé-iṣẹ́ náà bá gbé 20% tí àwọn tó kù dúró sójú kan, ₦15 mílíọ̀nù ti di ₦18 mílíọ̀nù, gbogbo owó sì di ₦103 mílíọ̀nù. Ilé-iṣẹ́ yẹn ti di bíi 17.5% nínú ETF, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló sì ti dà nínú atọ́ka. Máníjà kò ra nǹkan kan, kò ta nǹkan kan. Ibi tó rọrùn nínú iṣẹ́ náà nìyẹn, ibẹ̀ sì ni kò ti yé ọ̀pọ̀ èèyàn, nítorí wọ́n rò pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rà tí wọ́n ń tà.

Ìgbà tí iṣẹ́ máa ń dé ni ìgbà tí NGX bá tún atọ́ka wò, ìyẹn ní oṣù kìíní àti oṣù keje. Ilé-iṣẹ́ kan lè jáde kí òmíràn sì wọlé. Máníjà á ta èyí tó jáde, á ra èyí tó wọlé, á sì sanwó bírókà lórí méjèèjì. Atọ́ka kì í sanwó fún ẹnikẹ́ni, orí bébà ló wà. Ìdí nìyẹn tí 20% atọ́ka kò fi lè jẹ́ 20% tiyín. Ká ní owó iṣẹ́ máníjà jẹ́ 1% lọ́dún, káràkátà jẹ 0.2%, 2% nínú owó náà sì jókòó sí báǹkì jálẹ̀ ọdún láì tíì ra ìpín. 2% yẹn pàdánù ìdá kan náà nínú 20%, ìyẹn 0.4%. 18.4% ló máa kù fún yín.

Ẹ tún ṣọ́ra níbì kan. NGX 30 tí ẹ ń rí lójoojúmọ́, ìyípadà iye ìpín nìkan ló ń kà, kò ka èrè orí ìpín tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń san. ETF ń gba èrè yẹn. Bí ẹ bá rí ETF tó ju atọ́ka lọ ní ọdún kan, ẹ má tíì yin máníjà. Ó lè jẹ́ èrè orí ìpín nìkan ni.

Àdùkẹ́ Ìbàdàn
Ẹ ṣé gan-an, sà. Ìyẹn yé mi. Ìyàtọ̀ iye tí mo ń rí ńkọ́? Lọ́jọ́ kan náà, máníjà kọ ₦50, áàpù kọ ₦62. Ṣé áàpù ló ń ṣi mí lọ́nà ni?

Akọ̀wé Marina
Ó ṣeé ṣe kí méjèèjì jẹ́ òótọ́. ₦50 ni NAV, ìyẹn iye ohun tó wà nínú ẹyọ kan lẹ́yìn tí a bá yọ gbèsè. ₦62 ni iye tí èèyàn bíi tiyín gbà láti san fún ẹlòmíràn lórí ọjà.

Báǹkì tó ni mútúà fọ́ǹdì fúnra rẹ̀ ló ń ta ẹyọ fún yín. Lẹ́yìn tí ọjà bá ti pa, wọ́n á ṣírò NAV, iye yẹn ni ẹ máa san. Bí òdẹ́rì yín bá pẹ́ kọjá wákàtí tí wọ́n dá, ó di iye ọjọ́ kejì. Ẹ ò lè san àlékún orí NAV níbẹ̀, yàtọ̀ sí owó tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ pé àwọn ń gbà. ETF kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ta ìpín tirẹ̀ lọ́jà ni ẹ ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó yẹ kó fa ₦62 wá sílẹ̀ ni àwọn oníṣòwò ńlá tí máníjà fún láṣẹ. Ẹ wò ó bíi apẹ̀rẹ̀ tòmátì: bí apẹ̀rẹ̀ kan bá ń tà ju owó tòmátì inú rẹ̀ lọ, ọlọ́gbọ́n á lọ ra tòmátì, á kó o sínú apẹ̀rẹ̀, á gbé e wá sọ́jà. Oníṣòwò náà á ra ìpín ọgbọ̀n náà ní ìwọ̀n tó pé, á kó wọn fún máníjà, máníjà á fún un ní ẹyọ ETF tuntun, á sì tà á ní ₦62. Ẹyọ tuntun á pọ̀ lọ́jà, iye á wálẹ̀. Bí ETF bá wá ń tà ní ₦45, á yí i padà: á ra ẹyọ, á dá a padà fún máníjà, á gba ìpín.

Ní Amẹ́ríkà, 50,000 ẹyọ lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n ń dá fún SPY, wọ́n sì ń rà á tètè. Níbí, àwọn ìpín kan nínú ọgbọ̀n náà kì í rí olùtà lọ́jọ́ tí iye wọn bá kan òkè, torí NGX kò jẹ́ kí ìpín gbé ju 10% lọ lóòjọ́. Oníṣòwò á dúró, owó rẹ̀ á há. Bí ó bá sì rí wọn rà tán, àwọn tó fẹ́ ra ETF ní ₦62 lọ́jọ́ yẹn lè má ju ẹgbẹ̀rún díẹ̀ ẹyọ lọ. Bí ó bá kó gbogbo ẹrù rẹ̀ wá, iye á já lójú rẹ̀. Nítorí náà, ó lè pa á tì, àlékún á sì dúró fún oṣù mélòó kan.

Ọmọ Ìlàrẹ́
Ẹ jẹ́ kí n fi owó Àdùkẹ́ gan-an ṣírò rẹ̀. ₦600,000 ní ₦62 á ra 9,677 ẹyọ. Ohun tó wà nínú wọn kò ju ₦483,850 lọ. Nǹkan bíi ₦116,000 lẹ fi san àlékún, kí bírókà tó gba tirẹ̀. Ká wá ní ìpín inú rẹ̀ gbé 20%, NAV á di ₦60. Bí ọjà bá wálẹ̀ bá NAV, ohun tí ẹ rà ní ₦62 ti di ₦60. Atọ́ka lọ sókè 20%, ẹ̀yin pàdánù 3%.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo déètì. Iye orí áàpù lè jẹ́ ti ẹni tó rà á gbẹ̀yìn ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, kí NAV jẹ́ ti àná. Ẹ wo iye tí àwọn olùrà ń fẹ́ san báyìí àti iye tí àwọn olùtà ń béèrè, kí ẹ wo ẹyọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bí olùrà bá ń sọ ₦48 tí olùtà ń sọ ₦62, kò sí iye kankan níbẹ̀, àríyànjiyàn lásán ni. Ẹ má sì fi òdẹ́rì tí kò ní iye sílẹ̀ láé. Ẹ kọ iye tó pọ̀ jù tí ẹ lè san. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, àárọ̀ 24 oṣù kẹjọ 2015, àwọn ETF kan já jìnnà sí iye ohun tó wà nínú wọn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọn tó fi òdẹ́rì láì ní iye ló fi ara gbá a.

Táyọ̀ Houston
Ẹ̀yin ará, VOO tó jẹ́ ETF àti VFIAX tó jẹ́ mútúà fọ́ǹdì, ti Vanguard méjèèjì, ni wọ́n fún mi láti yàn nínú owó ìfẹ̀yìntì mi níbí. Mo gbọ́ pé ETF kì í jẹ́ kéèyàn san owó orí. Ṣé kí n yan VOO?

Akọ̀wé Marina
Inú àpò kan náà ni àwọn méjèèjì wà, S&P 500 náà ni wọ́n ń tẹ̀lé. 0.03% ni VOO ń gbà lọ́dún, VFIAX ń gba 0.04%. Lórí $10,000, dọ́là kan péré ni ìyàtọ̀ rẹ̀. Ti owó orí, ó ní ìdí: bí oníṣòwò bá dá ẹyọ padà, máníjà ń fún un ní ìpín tí wọ́n ti rà ní owó pọ́ọ́kú látijọ́, kò tà á, nítorí náà kò sí èrè tí ìjọba máa gba owó orí lé lórí lọ́dún yẹn. Bí ẹ bá ta ẹyọ tiyín lérè, ẹ máa san tiyín. Nínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì, ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín rárá.

Bàbá Èkó
Mo gba ti àlékún yẹn. Ṣùgbọ́n mútúà fọ́ǹdì náà ní àlébù. Bí èèyàn púpọ̀ bá sá jáde lẹ́ẹ̀kan náà, máníjà á ta ìpín ní owó pọ́ọ́kú láti san án, àwọn tó jókòó ló ń jìyà rẹ̀. Tí mo bá ta ETF mi, ẹni tó rà á ló san mí lówó, wọn ò fọwọ́ kan ìpín inú rẹ̀.

Ọmọ Ìlàrẹ́
Òótọ́ lẹ sọ síbẹ̀, kò sì sí ẹni tó rántí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn mútúà fọ́ǹdì kan tún ń gba owó ìjìyà lọ́wọ́ ẹni tó bá tètè jáde. Àdùkẹ́, ẹ béèrè oṣù mélòó ni tiwọn, kí ẹ sì béèrè bóyá atọ́ka ni wọ́n ń tẹ̀lé tàbí máníjà ló ń ṣà á.

Àdùkẹ́ Ìbàdàn
Ẹ ṣé o. Mo ti wò ó báyìí: déètì méjèèjì bára mu, olùtà tó kéré jù ń béèrè ₦61.50, olùrà tó ga jù ń sọ ₦57. Ṣé kí n dúró dé ₦52?

Akọ̀wé Marina
Èmi á dúró. Bí àlékún bá ju 3% lọ, mi ò ní rà á.

Ọmọ Ìlàrẹ́
Ẹ lè dúró ọdún kan, kí ìpín inú rẹ̀ ti gbé 30% kí ẹ tó rà. Èmi á fi apá kan sínú mútúà fọ́ǹdì báyìí, kí n fi òdẹ́rì ₦52 sílẹ̀ fún ìyókù. Àmọ́ bí owó iṣẹ́ mútúà fọ́ǹdì yẹn bá ju 2% lọ́dún lọ, ẹ kọ ọ́ síbí ká tún un ṣírò.